Òkúta Mẹ́ta Nínú Omi: Ọ̀nà Tí Ó Tọ́ Láti Pín Ìyípadà Kẹ́míkà sí Ọ̀wọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àṣà kan wà láàrin wa tí mo fẹ́ fi ìwé yìí tako. Nígbà tí a bá bi wá pé irú ìyípadà kẹ́míkà wo ni èyí, ojú àti etí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi dáhùn. Bí iná bá ràn, a ó wí pé ìjóná ni. Bí omi bá ń hó tí afẹ́fẹ́ sì ń jáde, a ó wí pé ìtúká ni. Bí àwọ̀ bá yí padà, a ó wí pé ìrọ́pò ni. Àwọn àmì wọ̀nyí wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, a há wọn sórí, a ó sì gbé wọn lọ bá àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ní ọjọ́ iwájú. Èrò tèmi ni pé àmì kì í sọ orúkọ ìyípadà. Ohun tí àmì ń sọ fún wa kò ju pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀, ó di dandan kí a ka ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Mo sì fẹ́ fi hàn pé ẹni tí ó bá ṣi orúkọ pè lórí ọ̀ràn yìí lè ṣe ohun tí yóò pa á lára, kì í ṣe máàkì nìkan ni yóò pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ohun ìpìlẹ̀ ni èyí tí irú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, bí irin, bàbà, kábọ̀nù, ọ́kísíjìnì àti háídírójìnì. Ohun alápòpọ̀ ni èyí tí irú átọ́ọ̀mù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ so pọ̀ nínú rẹ̀, bí omi àti iyọ̀. Ohun tí ó bá wọ inú ìyípadà ni mo ń pè ní awọlé. Ohun tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde ni mo ń pè ní ajáde.

Bí awọlé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá di ajáde kan ṣoṣo, ìdàpọ̀ ni. Bí awọlé kan ṣoṣo bá di ajáde méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtúká ni. Bí ohun ìpìlẹ̀ kan bá wọlé pẹ̀lú ohun alápòpọ̀ kan, tí ó lé ẹnìkan kúrò nínú rẹ̀ tí ó sì gba ipò ẹni náà, tí ẹni tí a lé sì jáde ní òun nìkan, ìrọ́pò ni. Bí ohun alápòpọ̀ méjì bá wọlé, tí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ẹnìkejì wọn, tí ohun alápòpọ̀ méjì mìíràn sì jáde, ìpààrọ̀ ni. Bí ohun ìdáná bá gba ọ́kísíjìnì tí ooru àti ìmọ́lẹ̀ sì jáde, ìjóná ni. Bí kábọ̀nù àti háídírójìnì bá wà nínú ohun ìdáná náà, tí ọ́kísíjìnì sì pọ̀ tó, kábọ̀nù dàọ́kísáídì àti omi ni yóò jẹ́ ajáde.

Ìlànà márùn-ún nìyí, kò sì ṣòro láti há sórí. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ojú lè tan ènìyàn. Kí ẹ lè rí bí ojú ti ń tan ni, mo mú ohun kan wá tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn ní Muṣin tàbí Súrúlérè. Ohun náà ni kábáìdì, òkúta eléérú tí àwọn wẹ́ẹ̀dà ń lò. Ní ọ̀nà Ládípọ̀ àti ní ọ̀pọ̀ àdúgbò mìíràn tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹ ó rí i tí wọ́n ń da òkúta yìí sínú àgbá irin pẹ̀lú omi. Afẹ́fẹ́ kan yóò jáde, wọn yóò fi rọ́bà fà á lọ sí ẹnu ohun èlò tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, wọn yóò sì pa á pọ̀ mọ́ ọ́kísíjìnì láti inú sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ náà ni asẹ́tílínì. Bí iṣẹ́ bá parí, wọn yóò da ẹrẹ̀ funfun tí ó kù nínú àgbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹrẹ̀ náà ni láìmù tí omi ti pa, tí a ń kọ ní Ca(OH)2.

Ẹ fi ọkàn yín ro èyí wò. Ẹ gbé ife mẹ́ta kalẹ̀, kí omi sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sínú èkíní ẹ ju láìmù gbígbẹ sí, èyí tí í ṣe CaO. Sínú èkejì ẹ ju ègé kálísíọ́mù sí, èyí tí í ṣe ohun ìpìlẹ̀, Ca. Sínú ẹ̀kẹta ẹ ju kábáìdì sí, CaC2. Omi yóò gbóná nínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi yóò ru gùdù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì funfun bí ògì. Bí ẹ bá dúró kí ó tòrò, ẹrẹ̀ funfun kan náà ni ẹ ó bá ní ìsàlẹ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ń fi àmì pín ọ̀wọ́ yóò wí pé irú ìyípadà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ ni irú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ wo ife èkíní:

CaO + H2O → Ca(OH)2

Awọlé méjì, ajáde kan. Bí ẹ bá fi gíráàmù 56 láìmù gbígbẹ sí gíráàmù 18 omi, gíráàmù 74 láìmù pípa ni ẹ ó rí, ohunkóhun mìíràn kò sì jáde. Ìdàpọ̀ ni èyí. Bí omi bá tilẹ̀ hó tí èéfín sì rú, omi náà fúnra rẹ̀ ni ooru ń lé sókè.

Ẹ wo ife èkejì:

Ca + 2H2O → Ca(OH)2 + H2

Ohun ìpìlẹ̀ kan àti ohun alápòpọ̀ kan ni ó wọlé. Ohun alápòpọ̀ kan àti ohun ìpìlẹ̀ kan ni ó sì jáde. Gíráàmù 40 kálísíọ́mù àti gíráàmù 36 omi ni ó di gíráàmù 74 láìmù pípa àti gíráàmù 2 háídírójìnì. Kálísíọ́mù ti lé háídírójìnì kúrò nínú omi, ó sì jókòó sí ipò rẹ̀. Ìrọ́pò ni èyí.

Ẹ wo ife kẹta:

CaC2 + 2H2O → C2H2 + Ca(OH)2

Níhìn-ín kò sí ohun ìpìlẹ̀ kankan ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, kò sì sí ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Bí ẹ bá kọ omi ní HOH, ọ̀rọ̀ náà yóò hàn gbangba: kálísíọ́mù fi kábọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, ó mú OH, háídírójìnì fi OH sílẹ̀, ó mú kábọ̀nù. Ìpààrọ̀ ni èyí. Gíráàmù 64 kábáìdì àti gíráàmù 36 omi di gíráàmù 26 asẹ́tílínì àti gíráàmù 74 láìmù pípa. Gíráàmù 100 ni ó wọlé, gíráàmù 100 náà ni ó sì jáde.

Ẹ kíyèsí i pé gíráàmù 74 láìmù kan náà ni ó kù sínú ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ojú rí ní ìsàlẹ̀ ife kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni èyí tí ó fò lọ: kò sí afẹ́fẹ́ nínú èkíní, háídírójìnì ni ti èkejì, asẹ́tílínì ni ti ẹ̀kẹta. Ní ooru ojoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ti èkejì àti ti ẹ̀kẹta yóò tó nǹkan bí lítà 24 lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà híhó wọn pàápàá kò ní fi ìyàtọ̀ hàn. Imú lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí pé kábáìdì tí a ń rà lọ́jà ń rùn bí áyù. Ṣùgbọ́n òórùn náà kì í ṣe ti asẹ́tílínì fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí inú kábáìdì ni ó ń mú un wá, pàápàá afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní fọ́sífíìnì. Ẹ rí i pé àmì tí ó dára jùlọ nínú gbogbo wọn pàápàá, ohun mìíràn ni ó ń jẹ́rìí sí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, Àǹfààní wo ni ó wà nínú orúkọ, níwọ̀n ìgbà tí wẹ́ẹ̀dà tí kò mọ ìpààrọ̀ yàtọ̀ sí ìrọ́pò ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́? Ìdáhùn mi ni pé bí orúkọ bá tọ́, ó ń kìlọ̀ fún wa nípa ohun tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé bákan náà ni kábáìdì àti láìmù gbígbẹ nítorí pé wọ́n jọ ń hó nínú omi, yóò rò pé ooru nìkan ni ó yẹ kí òun bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá ka ajáde yóò mọ̀ pé ohun ìdáná ni omi ń mú jáde láti inú kábáìdì. Nítorí náà bí iná bá ṣẹ́ ní ibi tí a tọ́jú kábáìdì sí, kò gbọdọ̀ da omi sí i. Yanrìn gbígbẹ ni yóò wá. Ẹni tí ó ń fi omi pa iná náà ń bu epo sí i, kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé asẹ́tílínì náà jáde kúrò nínú àgbá. Nígbà tí wẹ́ẹ̀dà bá kọ́kọ́ tanná sí i, kí ó tó ṣí ọ́kísíjìnì, iná pupa ni yóò rí, tí èéfín dúdú ń jáde láti orí rẹ̀. Èéfín dúdú náà ni kábọ̀nù tí kò rí ọ́kísíjìnì tó láti jó tán. Bí ó bá ṣí ọ́kísíjìnì sí i, iná yóò dín gígùn kù, yóò mọ́, ooru rẹ̀ yóò sì lé ní ìwọ̀n 3000 ti Sẹ́síọ́sì, èyí tí ó pọ̀ ju ohun tí irin lè fara dà lọ. Bí ó bá jó tán pátápátá, báyìí ni a ó ṣe kọ ọ́:

2C2H2 + 5O2 → 4CO2 + 2H2O

Ìjóná ni èyí, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni ọ́kísíjìnì tí ó wà láàrin awọlé. Ẹ má ṣe fi ojú fo ẹ̀rí náà, nítorí pé ibi tí ó ṣòro jùlọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi ni a dé yìí.

Asẹ́tílínì lè bú gbàmù láìsí ọ́kísíjìnì rárá. Bí a bá fún un pọ̀ jù nínú ohun tí ó ṣófo, tí nǹkan sì ta á jí, bóyá ooru tàbí ìlùkù, òun nìkan lè fọ́ sí wẹ́wẹ́:

C2H2 → 2C + H2

Awọlé kan, ajáde méjì: ìtúká ni. Ìró rẹ̀ dún bí ìró ìjóná, iná rẹ̀ tàn bí iná ìjóná, ooru sì jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ìjóná kọ́. Ẹni tí ó bá pè é ní ìjóná yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Bí mo bá ti lé afẹ́fẹ́ òde kúrò nínú àgbá, ewu ti tán. Ewu kò tán. Nítorí ìtúká yìí ni òfin iṣẹ́ náà fi wí pé kí a má ṣe lo asẹ́tílínì ní agbára tí ó ju pọ́ùn 15 lọ lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan. Nítorí rẹ̀ náà ni a kì í fi tì í sínú sìlíńdà lásán bí a ti ń ti ọ́kísíjìnì. Ohun kan tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkànìn ni ó kún inú sìlíńdà rẹ̀, a sì fi àsítónì rin ohun náà, kí asẹ́tílínì lè yọ́ sínú rẹ̀ kí ó sì jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ wò ó bí orúkọ kan ti ya ọ̀nà ààbò méjì sọ́tọ̀: nítorí ìjóná, a ń lé afẹ́fẹ́ òde jìnnà, nítorí ìtúká, a ń ṣọ́ agbára tí a fi fún un.

Ẹrẹ̀ funfun tí a dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, yóò le gbagidi bí ẹfun. Kábọ̀nù dàọ́kísáídì inú afẹ́fẹ́ ni ó gbà:

Ca(OH)2 + CO2 → CaCO3 + H2O

Ohun tí ó di yìí ni ohun kan náà tí òkúta ẹfun jẹ́, irú èyí tí a ń wà ní Ewékorò fún iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960. Bí a bá sì fi ooru tí ó tó ìwọ̀n 900 ti Sẹ́síọ́sì sun òkúta ẹfun, gíráàmù 100 rẹ̀ yóò túká di gíráàmù 56 láìmù gbígbẹ àti gíráàmù 44 kábọ̀nù dàọ́kísáídì. Iná ńlá ni a dá sí i, ṣùgbọ́n ìtúká ni a ń pè é, kì í ṣe ìjóná, nítorí pé òkúta náà kò gba ọ́kísíjìnì. Epo tàbí èédú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń jóná.

Nísinsin yìí, òtítọ́ inú ń béèrè pé kí n sọ ibi tí ọ̀wọ́ márùn-ún wọ̀nyí pin sí. Èkíní ni pé ìyípadà kan lè jẹ́ orúkọ méjì. Bí háídírójìnì bá jó nínú ọ́kísíjìnì, omi nìkan ni ajáde. Ìdàpọ̀ ni, ìjóná sì ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jà lórí rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ méjèèjì, kí ó sì sọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni pé òmíràn wà tí kò jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ wo bí a ti ń ṣe kábáìdì fúnra rẹ̀ nínú iná mànàmáná tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 2000, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gbẹ́ni Wílísìnì, ará Kánádà, ti ṣe bá a pàdé ní ọdún 1892 nígbà tí ó ń wá ohun mìíràn:

CaO + 3C → CaC2 + CO

Ohun ìpìlẹ̀ kan wọlé pẹ̀lú ohun alápòpọ̀ kan, ó sì jọ ìrọ́pò. Ṣùgbọ́n ohun ìpìlẹ̀ kankan kò jáde, nítorí pé kábọ̀nù mú ọkọ, ó sì mú ìyàwó pẹ̀lú: apá kan nínú rẹ̀ bá kálísíọ́mù lọ, apá kan bá ọ́kísíjìnì lọ. Ẹni tí ó bá fi agbára ti èyí sínú ọ̀wọ́ kan ń purọ́ mọ́ ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹrẹ̀ tí ń di ẹfun: bí a ti kọ ọ́ yẹn kò jọ ìpààrọ̀ dáadáa, àfi bí a bá rántí pé kábọ̀nù dàọ́kísáídì kọ́kọ́ yọ́ sínú omi, tí ó di ásíìdì H2CO3, kí òun àti láìmù tó ṣe pàṣípààrọ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kì í ṣe gbogbo ìrọ́pò tí a lè kọ sórí ìwé ni ó ń ṣẹlẹ̀. Bí ásíìdì bátìrì bá kán sórí irin, yóò hó, nítorí pé irin lágbára láti lé háídírójìnì kúrò nínú ásíìdì náà. Bí ẹ bá bu omi mọ́ ásíìdì náà, tí ẹ kán an sórí bàbà, yóò dákẹ́, nítorí pé bàbà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kí a tó kọ ìrọ́pò, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni ó lágbára jù nínú ẹni tí ń bọ̀ àti ẹni tí ó wà nílé.

Ìmọ̀ràn mi, nígbà náà, ni pé kí a yí ètò ẹ̀kọ́ yìí padà nígbà tí a bá dúró níwájú kíláàsì. Kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì. Kí ọmọ kọ awọlé àti ajáde sílẹ̀ ná, kí ó fi ìlà sábẹ́ gbogbo ohun ìpìlẹ̀ tí ó bá rí, kí ó sì ka iye tí ó wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún. Kí ó béèrè bóyá ọ́kísíjìnì wà láàrin awọlé tí ohun ìdáná sì ń gbà á. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó dárúkọ, kí a sì wá fi ife mẹ́ta náà hàn án, kí ó lè rí i fúnra rẹ̀ bí ojú ti ń purọ́. Kí kábáìdì náà má ju hóró àgbàdo kan lọ, kí fèrèsé ṣí sílẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí a ó kọ́ ní Yaba àti Muṣin yóò kọ́ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀dà, wọn yóò sì dúró ti àgbá kábáìdì kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Àmì yóò wà níwájú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀: híhó, èéfín, òórùn áyù. Ohun tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní ni kí wọ́n mọ ohun tí ń jáde láti inú àgbá náà, àti ohun tí òun nìkan lè ṣe láìsí afẹ́fẹ́ àti láìsí ìṣáná.